Kí Ló Dé Tí Báńkì Fi Ń Gba Ìtanràn Lọ́wọ́ Ẹni Tó Fẹ́ San Gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Dágẹ́námù, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àpẹẹrẹ la fi í ṣe, àmọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tirẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Brítéènì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, òun àti ọkọ rẹ̀ ra fúláàtì oníyàrá méjì ní £290,000. Wọ́n fi £70,000 sílẹ̀ látinú owó tí wọ́n ti ń tù jọ, báńkì sì yá wọn ní £220,000 tó kù, pé kí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún san án. Èlé rẹ̀ jẹ́ 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún: kò ní lọ sókè, kò sì ní wá sílẹ̀. £1,263 ni wọ́n ń san lóṣooṣù.

Ọdún méjì kọjá, ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá pè é láti Hyústọ̀n, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbé owó ilé mi kúrò lọ́dọ̀ báńkì tí mo ti kọ́kọ́ yá a o. Èlé ti ń wálẹ̀. Kí lẹ̀yin ń dúró dè?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò lọ síṣẹ́, ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó ń yẹ èlé oríṣiríṣi báńkì wò. Ó rí ọ̀kan tó ń gba 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbèsè rẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí £214,000, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló sì kù tó máa fi san án. Tó bá gbé e lọ síbẹ̀, £1,084 ni yóò máa san lóṣù. £179 ló máa ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lóṣooṣù nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe báńkì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ní kó má lọ, àmọ́ kó tó lọ, yóò kọ́kọ́ san £6,420.

"Nítorí pé mo fẹ́ san gbèsè tí mo jẹ yín?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni ọmọ Yorùbá béèrè yẹn. Láyé ìjọ́un tí àwọn èèyàn máa ń fi ara wọn tàbí ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé owó náà. Ọjọ́ tó bá rí ojú owó san, ọjọ́ náà ló bọ́ lọ́wọ́ olówó, yálà ọdún kan ló sìn ni o tàbí ọdún mẹ́wàá. Kò sí pé ó yá a san jù. Èyí ló fi máa ń ṣe àwọn èèyàn wa bíi pé báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rẹ́ wọn jẹ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìtanràn yìí.

Báńkì ní tẹnu rẹ̀ láti sọ, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó ṣèlérí fún nọ́ọ̀sì yìí pé èlé rẹ̀ kò ní kúrò ní 5.6 fún ọdún márùn-ún, báńkì fúnra rẹ̀ ti lọ ṣe àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún síbòmíràn lórí owó tó fi yá a, kí ọjà owó má baà yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí nọ́ọ̀sì bá wá sanwó lọ lọ́dún kejì tí èlé ti já wálẹ̀ nínú ọjà, àdéhùn ti báńkì kò já. Yóò ṣì máa san iye tó ti gbà láti san lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ èlé kékeré ló máa rí gbà lórí owó tó padà sí i lọ́wọ́. Àlàfo àárín méjèèjì ni ìtanràn wà fún. FCA, àjọ tó ń mójú tó ètò owó ní Brítéènì, sì ti là á lé àwọn báńkì lọ́wọ́ pé ohun tí wọ́n bá máa gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdiwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu fún ohun tí wọ́n máa pàdánù, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ iye rẹ̀ ní owó kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Kí ló wá dé tí àbúrò tó wà ní Hyústọ̀n kò san kọ́bọ̀ ní ìtanràn? Òfin ibẹ̀ ló yàtọ̀. Látìgbà tí Amẹ́ríkà ti ṣe òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ owó lọ́dún 2010, tí apá tó kan owó ilé sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ jù lọ owó tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi ra ilé níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìtanràn ìsanṣáájú rárá. Díẹ̀ tí òfin gbà láyè kò gbọ́dọ̀ kọjá ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní ọdún méjì ìṣáájú àti 1 lọ́dún kẹta. Owó ìwé, owó lọ́yà àti owó ìforúkọsílẹ̀ ló máa ń wọ́n lọ́dọ̀ tiwọn. Nítorí náà, òótọ́ ni àbúrò yẹn sọ fún ẹni tó wà ní Hyústọ̀n. Fún ẹni tó wà ní Dágẹ́námù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Lórí ìwé àdéhùn ní Brítéènì, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń ké ìtanràn yìí kúrú: ERC. Abala kan wà fún un nínú ìwé tí báńkì fi yá èèyàn lówó. Níbẹ̀ ni èèyàn ti máa rí ìdá tí báńkì máa gbà àti ọjọ́ tí ìdá kọ̀ọ̀kan máa parí. Ti nọ́ọ̀sì yìí kà báyìí: 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kìíní, 4 lọ́dún kejì, 3 lọ́dún kẹta, 2 lọ́dún kẹrin, 1 lọ́dún karùn-ún. Irú àtẹ̀gùn yìí wọ́pọ̀ fún àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún, àmọ́ kì í ṣe gbogbo báńkì ló ń bá a sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òmíràn máa dúró sórí 5 fún ọdún méjì kó tó sọ̀. Lórí gbèsè tó kù lọ́jọ́ tí èèyàn ń lọ ni wọ́n sì ti ń ṣírò rẹ̀. Ọdún kẹta ni nọ́ọ̀sì wà, £214,000 ló jẹ, ibi tí £6,420 ti jáde nìyẹn.

Ká ní ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún kejì tó pé ló lọ ni, ìdá 4 ni wọn ì bá gbà. Ó fi ohun tó lé ní £2,000 ju 3 lọ. Ẹni tó bá ń ronú àtilọ yẹ kó kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí àtẹ̀gùn tó wà lórí rẹ̀ máa sọ̀, kó sì mọ̀ pé ọjọ́ yẹn lè má jẹ́ ọjọ́ tó kó wọlé. Ọjọ́ tí báńkì kọ sínú ìwé ni.

Ó yẹ ká wá ṣírò rẹ̀ délẹ̀ báyìí, torí pé £179 tí nọ́ọ̀sì rí lóru ọjọ́ yẹn kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Tó bá lọ, ó máa san ìtanràn £6,420. Báńkì tuntun náà máa gba £999 owó àdéhùn, ohun tí ọ̀pọ̀ báńkì máa ń gbà fún èlé tó bá rẹlẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £7,419. Kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà ó ń rò ó pé kí wọ́n kó o lé gbèsè. Gbèsè rẹ̀ á wá fò láti £214,000 sí nǹkan bí £221,400. Kí ìṣirò wa má baà yẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ pé £1,263 tó ń san tẹ́lẹ̀ náà ló ń bá a lọ láti san, ìbáà dúró, ìbáà lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá kù: ní oṣù kẹwàá ọdún 2028, tí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ bá pé, ibo ni gbèsè rẹ̀ ti máa kéré jù?

Tó bá dúró sí 5.6, gbèsè tó kù lọ́jọ́ yẹn máa jẹ́ nǹkan bí £203,680. Tó bá lọ sí 4.2, tó sì kó ìtanràn àti owó àdéhùn lé gbèsè, ó máa jẹ́ nǹkan bí £202,745.

Èrè rẹ̀ kò tó £1,000, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gbáko, lẹ́yìn gbogbo wàhálà ìwé owó oṣù, àyẹ̀wò ilé àti lọ́yà. Ó jẹ́ £935 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Báńkì kì í fún gbogbo èèyàn ní èlé kan náà. Wọ́n máa ń wo gbèsè mọ́ iye tí ilé tó: ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé lọ ló ń rí èlé tó dára jù, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó wà ní 75, lẹ́yìn náà 80, 85, 90. Nígbà tí nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ ra ilé, gbèsè wọn fi díẹ̀ ju 75 lọ. Ọdún méjì tí wọ́n ti ń san án ti mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí 74, ìdí nìyẹn tí èlé 4.2 fi ṣí sílẹ̀ fún un lórí fóònù. Ṣùgbọ́n tó bá kó £7,419 yẹn lé gbèsè, ó ti tún gòkè kọjá 76 nìyẹn, tí iye ilé kò bá yí padà. Ilẹ̀kùn tó rí tó ṣí sílẹ̀ ti padé. Wọ́n á sọ fún un pé 4.4 ni tirẹ̀, kì í ṣe 4.2.

Ní 4.4, gbèsè rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2028 máa jẹ́ nǹkan bí £204,100. Ó ti fi £400 àti díẹ̀ ju iye tí ì bá jẹ lọ ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́. Òun tó rò pé òun ń jèrè £179 lóṣooṣù ti wá pàdánù.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àtẹ̀gùn 5, 4, 3, 2, 1 yẹn máa rí ìdí rẹ̀. Báńkì ń gba 1 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó kù nínú àdéhùn. Èlé tuntun tó bá fi 1 gééré kéré sí ti tẹ́lẹ̀ kàn máa san ìtanràn náà tán ni, kò ní í ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù. Kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, èlé náà gbọ́dọ̀ já ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó san owó àdéhùn àti èlé orí ìtanràn tí wọ́n kó lé gbèsè. Lórí gbèsè nọ́ọ̀sì yìí, ó gbọ́dọ̀ já tó nǹkan bí 1.25. Ohun tó bá fi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èrè. Gbèsè tó bá kéré sí tirẹ̀ máa ń fẹ́ kó já jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí £999 yẹn kò mọ ẹni tó yá £60,000 yàtọ̀ sí ẹni tó yá £300,000.

Èlé kì í sábà já tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí nítorí pé gbogbo nǹkan dojú rú. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2021, 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni èlé tí Báńkì Àgbà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ti di 5.25. Láàárín rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Kwasi Kwarteng tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà ka ètò ìṣúná kan tó da ọjà owó rú, débi pé èlé owó ilé fò kọjá 6 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Báńkì Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ ọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó sì ti dé 4 lóṣù kẹjọ ọdún 2025. Àwọn tó de èlé mọ́lẹ̀ lásìkò tí ọjà le jù, tí tiwọn wọ 6 tàbí tó kọjá rẹ̀, ni wọ́n ní ìdí tó lágbára láti gbé ìwé wọn jáde kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Ẹni tó dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún lọ́dún 2021, tí tirẹ̀ kò tó 2, kò ní ohun tó ń wá kiri títí àdéhùn rẹ̀ á fi pé.

Ṣé kí nọ́ọ̀sì wá ká ọwọ́ gbera ni? Rárá o. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ní Brítéènì gbà kí èèyàn san tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè rẹ̀ lọ́dún kan lé iye tó ń san lóṣooṣù, láìsí ìtanràn rárá. Fún òun, ìyẹn lé ní £21,000. Kò ní £21,000, àmọ́ ó ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án, £500 lóṣooṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àkókó rẹ̀ sì ti kàn án láti kó £5,000.

Ká ní ó kó £5,000 yẹn sórí gbèsè ilé lọ́jọ́ tó gbà á, tó sì ń san £1,263 rẹ̀ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 2028 bá dé, gbèsè rẹ̀ máa fi nǹkan bí £5,910 kéré sí iye tí ì bá jẹ. £5,000 jẹ́ owó àjọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. £910 tó lé jẹ́ èlé tí báńkì kò rí gbà mọ́. Ẹ fi wé £935 tí ì bá rí ká ní ó lọ sí báńkì mìíràn tí gbogbo nǹkan sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́. Iye kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìkan kò ní ìtanràn, kò ní lọ́yà, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ìwé owó oṣù.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kó béèrè lọ́wọ́ báńkì kó tó kówó náà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ọdún ìdá 10 yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé báńkì kan ń kà á láti oṣù kìíní, òmíràn ń kà á láti ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀, èyí tí èèyàn kò bá sì lò lọ́dún kan kì í sábà kúnlẹ̀ dè é di ọdún kejì. Ìkejì ni pé kí wọ́n jẹ́ kó mọ̀ bóyá owó náà máa dín gbèsè kù lójú ẹsẹ̀. Ìkẹta ni pé kí wọ́n má tìtorí rẹ̀ dín iye tó ń san lóṣooṣù kù, tó bá jẹ́ pé kí gbèsè tètè tán ló ń wá. Owó tó bá sì ti wọnú ilé kì í rọrùn láti yọ padà. Owó tí èèyàn tọ́jú de àìsàn tàbí àìríṣẹ́ kò yẹ lójú ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá lọ́jọ́ tí àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún náà bá parí. Ìtanràn á kúrò nílẹ̀. Ewu mìíràn ló wá jókòó sípò rẹ̀, ó sì ń jẹ èèyàn lówó ju ìtanràn lọ, nítorí pé kì í pariwo.

Tí èèyàn kò bá ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, báńkì á rọra sún un bọ́ sórí èlé gbogbogbò tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ní SVR. Kò sẹ́ni tó de èlé yìí mọ́lẹ̀. Báńkì lè gbé e sókè sódò bó bá ṣe wù ú. Lọ́dún 2025, tí èlé àdéhùn tuntun wà ní àyíká 4 sí 5, SVR ọ̀pọ̀ báńkì ṣì ju 7 lọ. Lórí gbèsè £203,680, ìdá kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún lé ní £2,000 lọ́dún. Tí SVR bá fi ìdá mẹ́ta ju àdéhùn tuntun lọ, ó ti lé ní £500 lóṣooṣù. Ẹni tó bá sùn lọ fún oṣù mẹ́ta péré ti sọ £1,500 nù.

Báńkì máa ń kọ lẹ́tà sí èèyàn ṣáájú, òótọ́ ni. Àmọ́ nínú ilé tí tọkọtaya ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ àti ọ̀sán, tí lẹ́tà ń kún orí tábìlì, ó rọrùn kí ìyẹn wọ̀ sábẹ́ ìwé iná àti ìwé omi. Àkókò tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni oṣù mẹ́fà kí àdéhùn tó parí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti fọwọ́ sí ìwé kan pẹ̀lú ìjọba pé oníbàárà àwọn lè mú àdéhùn tuntun sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, tí èlé bá sì wálẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gba èyí tó dára jù ú lọ dípò rẹ̀. Ẹni tó bá tètè mú un kò ní ohun tó máa pàdánù.

Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ lílọ sí báńkì mìíràn wá ní ìtumọ̀, ọ̀nà méjì ló sì ṣí sílẹ̀. Èèyàn lè gba àdéhùn tuntun lọ́wọ́ báńkì tó wà. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, wọn kì í sì í sábà béèrè owó oṣù ẹni lẹ́ẹ̀kan sí i tí kò bá ti yá owó kún un. Tàbí kó gbé gbèsè náà lọ síbòmíràn, èyí tí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní rímọ́gẹ́ẹ̀jì. Báńkì tuntun á yẹ gbogbo nǹkan wò látìbẹ̀rẹ̀: ìwé owó oṣù, gbèsè mìíràn, owó ìtọ́jú ọmọ, owó tó ń wọlé tó ń jáde. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń san owó lọ́yà àti owó yíye ilé wò fún ẹni tó bá wá, kí wọ́n lè fà á mọ́ra.

Ká sọ pé báńkì nọ́ọ̀sì fún un ní 4.5 láìgba owó àdéhùn, tí báńkì mìíràn sì fún un ní 4.3 pẹ̀lú £999. Ìyàtọ̀ 0.2 lórí £203,680 tó nǹkan bí £400 lọ́dún. Fún ọdún márùn-ún, ó sún mọ́ £2,000, ó sì ju £999 lọ dáadáa. Kó lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àdéhùn ọlọ́dún méjì ló fẹ́, £800 ni ìyàtọ̀ náà, £999 sì ti gbé e mì. Ìyá àgbà kan ládùúgbò rẹ̀ tí gbèsè tirẹ̀ ti wálẹ̀ dé £60,000 kò tilẹ̀ ní £120 tí ó tó nǹkan lọ́dún. Kódà ọdún márùn-ún kò lè san £999 fún un. Kí màmá dúró síbi tó wà.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún wọn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ẹ̀njẹ́nsì, tí owó rẹ̀ ń pọ̀ lóṣù yìí tó ń kéré lóṣù tó ń bọ̀, lè má rí báńkì tuntun tó máa gbà á tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tuntun nílé pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ńkọ́? Ẹni tí físà rẹ̀ kù díẹ̀ kó parí ńkọ́? Báńkì tó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní tún gbogbo ìyẹn tú wò kó tó fún wọn ní àdéhùn tuntun. Èlé rẹ̀ lè fi díẹ̀ ga, síbẹ̀ ó sàn ju SVR lọ fíìfíì.

Ẹni tó bá sì lọ síbòmíràn gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ sí iye ọdún. Báńkì tuntun tàbí alágbàtà lè sọ pé iye oṣooṣù máa já wálẹ̀ gan-an, kó má sì tètè sọ pé gbèsè tó ku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ti nà padà di ọdún márùndínlógójì. Lórí £203,680 ní èlé 4.3, nínà yẹn á mú iye oṣooṣù kéré, àmọ́ ọdún mẹ́wàá ni èèyàn fi kún àkókò tó máa fi san èlé. Tí wọ́n bá fi iye méjì han èèyàn, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni bóyá ọdún kan náà ni wọ́n fi ṣírò méjèèjì.

Tó bá jẹ́ pé títa ilé ló fẹ́ mú kí èèyàn sanwó kí àdéhùn tó pé, kó béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kó gbé àdéhùn náà lọ sórí ilé tuntun. Ọ̀pọ̀ báńkì gbà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti yẹ owó tó ń wọlé fún un wò tó sì tó. Ìtanràn á wá fò ó dá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ká sọ pé ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2028 ni ìwé nọ́ọ̀sì yìí kọ pé ìtanràn rẹ̀ máa parí. Ó ti mú báńkì tuntun, ó ti tọwọ́ bọ̀wé, lọ́yà sì ti ṣe tán. Lọ́yà tó bá fẹ́ parí iṣẹ́ kíákíá lè fi owó ránṣẹ́ sí báńkì àtijọ́ ní ọjọ́ 31 gan-an. Ọjọ́ yẹn ṣì wà lábẹ́ àdéhùn. Ìdá 1 lórí £203,680 jẹ́ £2,037, báńkì á sì gbà á, nítorí ọjọ́ kan péré. Ó yẹ kó fi ìméèlì sọ fún lọ́yà pé ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni òun fẹ́ kí owó náà lọ, kó má jẹ́ ọjọ́ kan ṣáájú, kó sì ní kí wọ́n fi ìwé tí báńkì àtijọ́ fi sọ gbèsè ìkẹyìn ránṣẹ́ sí òun kí òun fojú ara òun rí i. Lórí ìwé yẹn, ìlà kan wà fún ERC. Òdo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.